Yorùbá ni kí n máa fi kọ ìkéde ìlú ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé Ìlú:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ìlú wa kò jìnnà sí Àjàṣẹ́-Ìpo, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, ó sì ti di ọdún kẹta tí mo ti ń kọ ìkéde láìgba kọ́bọ̀. Bí mo bá fi Yorùbá kọ ọ́, àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi á ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, àwọn bàbá á ní mo ń fi ìwé tí mo kà yangàn. Mo wá ní kí n kúkú fi méjèèjì kọ ọ́, èébú ló já sí. Ní ìpàdé tó kọjá, bàbá kan dìde, ó nawọ́ sí mi, ó ní mo fẹ́ dá ìlú rú. Àwọn ayálégbé Núpé àti àwọn ọmọ iléèwé tó ń gbé ọ̀dọ̀ wa náà ń ráhùn. Dátà tèmi ni mo fi ń ṣe é o! Èdè wo gan-an ni kí n máa lò?

Ọmọ Ọ̀ffà:
Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kó tán síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń sọ Yorùbá, wọn ò lè kà á. Bí wọ́n bá rí ìlà márùn-ún Yorùbá, wọ́n á fò ó kọjá. Núpé náà á rí tirẹ̀ kà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Ọmọ Ọ̀ffà, òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ́ nìkan ló ń gbé ìlú. Àwọn kan wà tó ka Yorùbá dé ìwé kẹfà, wọ́n ń kà á dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì oníwèé ni kò yé wọn. Akọ̀wé, Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ẹ sì fi àmì sí gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ìwà ọ̀lẹ ni kí ènìyàn máa kọ Yorùbá láìfàmì sí i.

Ìyá Aláṣọ Òfì:
Èmi náà ń bá irú rẹ̀ yí. Mo máa ń gbé aṣọ òfì sí Fesibúùkù, bí mo bá kọ Yorùbá, àwọn oníbàárà òkèèrè á tẹ "See translation", ohun tí wọ́n á rí á sì yàtọ̀ sí ohun tí mo kọ. Ṣé kí n máa kọ iye aṣọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni?

Atẹ̀wé Ìlọrin:
Ìyá, nọ́ńbà ni kí ẹ fi kọ iye aṣọ, kí ẹ sì kọ orúkọ aṣọ bí ẹ ṣe ń pè é. Ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì yín fúnra yín sábẹ́ rẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ akọ̀wé.

Akọ̀wé, ẹ ò tíì sọ ohun tí ìkéde náà dá lé. Èdè tí àwọn ènìyàn gbọ́ kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ bi ara yín pé: ta ni ọ̀rọ̀ yìí á ná lówó, tàbí tí á dí lọ́nà, bí kò bá yé e? Bó bá jẹ́ ìkíni ọdún, oríkì, tàbí ìkéde òkú àgbà, Yorùbá nìkan tó. Ẹni tí kò gbọ́ ọ kò pàdánù ju adùn rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù sikọ́láṣípù tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi kún un, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ẹ fi ìlà Yorùbá kan sókè pé kí òbí pe ọmọ rẹ̀ wá kà á. Ṣùgbọ́n bí owó, ọjọ́ ìparí tàbí òfin bá wọ̀ ọ́, èdè méjèèjì ni, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Ẹni tó ka Yorùbá nìkan gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tí ẹni tó ka Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Ohun tó ń fa wàhálà jù ni kí ìdajì ọ̀rọ̀ wà nínú Yorùbá, kí ìdajì yòókù wà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ lẹ ìkéde náà síbí bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an.

Akọ̀wé Ìlú:
Èmi kì í ṣe ọ̀lẹ o, Olùkọ́. Fóònù mi ni kò ní àmì. Owó tiransífọ́mà ni ìkéde dá lé, ₦3,500 fún ilé kan. Mo kọ iye owó náà sókè ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ohun tó burú nínú ohun tí mo kọ.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Ẹ lẹ̀ ẹ́ wá, bàbá. A ò lè wo àìsàn tí a ò rí.

Akọ̀wé Ìlú:
Ó dáa. Yorùbá rẹ̀ nìyí, Ọjọ́rú, ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ni mo fi síta:

"E ma san owo ina naa fun akapo nile re. Eni ti ko ba san ki ojo mejo oni to pe yoo fi egberun meji kun un."

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wà lábẹ́, ó ní kí wọ́n san án láàárín ọjọ́ mẹ́jọ sí òní. Bákan náà ni méjèèjì.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Háà! "E ma san". Ẹ máa san ni, àbí ẹ má san?

Akọ̀wé Ìlú:
Ẹ máa san ni. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́.

Atẹ̀wé Ìlọrin:
Akọ̀wé, ẹ dákun, ṣé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ nípa akápò?

Akọ̀wé Ìlú:
A pààrọ̀ akápò ní oṣù Kẹsàn-án. A ti kìlọ̀ nígbà náà pé kí ẹnikẹ́ni má san owó fún ti tẹ́lẹ̀ nílé rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ti lọ.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Ìyẹn ò tíì lọ, bàbá! Ẹni tí ẹ ti sọ fún pé kó má san owó nílé akápò, tó tún rí "e ma san owo ina naa fun akapo nile re", ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ ni á rò pé ẹ tún sọ. Kò jẹ̀bi.

Atẹ̀wé Ìlọrin:
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Nígbà tí ẹ sì wá gba ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, ó di pé ẹ fẹ́ dá ìlú rú. Bàbá tó dìde ní ìpàdé kò bínú sí èdè.

Ẹ ò nílò kí fóònù ní gbogbo àmì kí ẹ tó yanjú èyí. Ẹ yí gbólóhùn padà kó má lè ní ìtumọ̀ méjì: "Ile akapo tuntun ni ki e ti san an." Kò sí "ma" níbẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó lè kà á sí "má". Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀ fún ènìyàn, ẹ lo "e ko gbodo". Tí ẹ bá kọ ìkéde tán, ẹ wá gbogbo "ma" inú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ fàmì sí òun nìkan.

Ìṣòro kejì ni ọjọ́. Ní Yorùbá, òní wà nínú ọjọ́ mẹ́jọ òní. Ọjọ́rú sí Ọjọ́rú ni, ọjọ́ 12 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ka ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún: bí wọ́n bá ná an lónìí, òní ni ìkíní, ọjọ́ tí wọ́n á tún ná an ni ìkarùn-ún. Ẹni tó ka Gẹ̀ẹ́sì yín bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọ̀la, ó sì dé ọjọ́ 13, Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ wo ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtanràn?

Akọ̀wé Ìlú:
Ilẹ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ 12, ṣú, a ti ìwé. Ẹni mẹ́fà, àwọn ọmọ iléèwé àti ará Núpé, ló wá ní ọjọ́ 13. A gba ẹgbẹ̀rún méjì lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n ní àwọn ò pẹ́, mo rò pé ẹ̀tàn ni.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Owó wọn nìyẹn, ẹ dá a padà.

Atẹ̀wé Ìlọrin:
Ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ nínú èdè méjèèjì, ẹ má ṣe ka iye ọjọ́. Ẹ fi 12 kọ ọ́ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, torí ẹnì kan ń pè é ní Ọjọ́rú, ará Ìlọrin mìíràn ń pè é ní Àlàrùbá.

Ọmọ Òkèèrè:
Ẹ má kọ ọ́ ní 12/11 o. Níbi tí mo wà ní Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣíwájú. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ni màá kà á sí. Ẹ pe oṣù ní orúkọ rẹ̀.

Akọ̀wé Ìlú:
Mo gbọ́. Ohun kan tún wà tí mi ò sọ. Àgbà 140 ni kò sí lórí Wásáàpù, àtẹ̀jíṣẹ́ ni mo ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọmọ mi gba bọ́tìnnì alámì sórí fóònù rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan, owó tí wọ́n yọ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ìdí tí mi ò fi fi àmì sí i mọ́ nìyẹn, Olùkọ́.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Àmì kì í jẹ owó. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù ló rẹ́ yín jẹ.

Atẹ̀wé Ìlọrin:
Rárá, Olùkọ́, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160, bó bá jẹ́ lẹ́tà lásán. Bí ẹyọ kan péré bá jẹ́ ẹ, ọ tàbí ṣ tó ní àmì lábẹ́, gbogbo rẹ̀ á yí sí oríṣi mìíràn tí kò gbà ju 70 lọ. Bó bá gùn ju ìyẹn, 67 ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ìkéde onílẹ́tà 150, ìpín kan ni láìsí àmì, mẹ́ta ni bó bá ní ọ̀kan. Fún ẹni 140, ó di 420. Ẹ̀yà lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ pọ̀, bí ọ́ àti ẹ̀, máa ń gba ààyè méjì. Ẹ kíyè sí i pé àmì ₦ náà ń fà á. N3,500 ni kí ẹ kọ nínú àtẹ̀jíṣẹ́.

Àmì ní kíkún dára fún pátákó àti ìwé títẹ̀. Lórí Wásáàpù, kò ná yín ní nǹkan kan. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́, gbólóhùn tí kò nílò àmì ni kí ẹ wá.

Àwọn àgbà kan sì wà, pàápàá ní Ìlọrin níbí, tí wọ́n ka Kéwú dáadáa tí wọn ò mọ ábídí. Ẹ ka ìkéde náà sínú ohùn, ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ pe ọjọ́ àti iye owó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Èwo ló máa wà lókè nígbà náà? Bí ìkéde bá gùn, Wásáàpù á ká a, ẹni tí kò bá tẹ "Read more" kò ní rí ti ìsàlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ṣì rò pé kó wà lókè.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Ìlú Yorùbá ni. Yorùbá lókè.

Atẹ̀wé Ìlọrin:
Ìlà kúkúrú kan ni kó wà lókè: owó iná, 3,500, 12 Nov, ilé akápò. Ẹni tí kò bá ṣí ìyókù ti rí ohun tó nílò. Èwo ló tẹ̀lé e lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ jíròrò rẹ̀ ní ìlú yín. Àwọn kan máa ń pín in sí ìkéde méjì tó tẹ̀lé ara wọn, ó dára, àfi pé ẹni tó bá fẹ́ pín in fún ẹlòmíràn lè mú ọ̀kan fi ìkejì sílẹ̀.

Akọ̀wé Ìlú:
Mo ti kọ ọ́ báyìí: "Owo ina, N3,500. Ojo ipari tele: 12 Nov. Ile akapo tuntun ni ki e ti san an. Eni to san ni 13 Nov ko je itanran, a o da owo re pada." Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà sọ bákan náà. Ṣé kí n lọ tún ti àtijọ́ ṣe?

Atẹ̀wé Ìlọrin:
Ó ti pẹ́ jù, ìṣẹ́jú 15 péré ni Wásáàpù ń fún ènìyàn láti tún ọ̀rọ̀ ṣe, ẹ̀dà tí àwọn ènìyàn ti pín kiri kò sì ní yí. Ẹ kọ "ATUNSE" sí ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ sọ pé èyí ló rọ́pò ti ọjọ́ 5. Ẹ pe àwọn ẹni mẹ́fà yẹn lórí fóònù, ẹ má dúró de kí wọ́n kà á.