Ìyídọ́jọ́ tàbí ìbámu ọjọ́? Ọjọ́ ìbí ìyá àgbà kan tí wọ́n kọ ní Híjírà

Ọmọ Òròkí (Òṣogbo):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Nínú Kùránì bàbá àgbà wa, alfa kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n bí ìyá àgbà wa ní òru Àlàmísì, 27 oṣù Ààwẹ̀, ọdún 1364. Ọmọ ọdún mélòó ni ìyá báyìí tí a bá fi ọdún òyìnbó kà á? Mo pe irú iṣẹ́ yìí ní "ìyídọ́jọ́" nínú ìwé kékeré tí mò ń kọ. Ṣé ọ̀rọ̀ náà jọjú?

Olùkọ́ Àgbà:
Kò jọjú rárá. Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ máa so ọ̀rọ̀ pọ̀ báyìí? "Di" tó sá pamọ́ sáàárín "yí" àti "ọjọ́" yẹn ló ń bí mi nínú. Ohun tó bá yí di nǹkan mìíràn kì í ṣe ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bí ìyá yín, ọjọ́ yẹn náà ni, kò yí di ọjọ́ kankan. Orúkọ méjì ló ní, ọ̀kan lọ́dọ̀ alfa, ọ̀kan lọ́dọ̀ òyìnbó. Ẹ̀yin kàn ń wá èyí tó bá a mu ni. "Ìbámu ọjọ́" ni kí ẹ kọ. Àwọn bàbá wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kì í fi ẹnu kó "di" jọ báyẹn.

Ọmọ Ẹdẹ:
Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn. Ọdún 622 ni Ànábì ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún Híjírà. Ẹ fi 622 kún 1364, ó parí. 1986 nìyẹn.

Alfa Òkè-Baálẹ̀:
Ọmọ Ẹdẹ, ọ̀rọ̀ 622 yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n o so ọdún méjì tí kò gùn bákan náà pọ̀. Ṣé ìyá àgbà tó ti ní ọmọ-ọmọ tó ń kọ̀wé ni ìwọ fẹ́ sọ di ọmọ 1986? Ọdún Híjírà jẹ́ ọjọ́ 354, nígbà mìíràn 355. Ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti òyìnbó. Ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ fi máa ń bọ́ sí àsìkò òjò, kó tún padà bọ́ sí ọyẹ́. Bí ọdún Híjírà bá pé 33, ti òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 32 ni. Kí o tó fi 622 kún un, yọ ìdá kan nínú 33 kúrò lára rẹ̀:

```
1364 - (1364 / 33) + 622 = 1944.67
```

Má ṣe gbá a mú bí ọjọ́ gan-an o. Àdúgbò ọdún náà nìkan ló ń fi hàn, torí ọdún 1364 ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan nínú 1944, ìkejì nínú 1945. Oṣù ló máa sọ èyí tó jẹ́ tiwa. Ọjọ́ kìíní Mùhàrámù 1364 bọ́ sí 17 Dìsẹ́ńbà 1944, ọjọ́ 15 péré ló sì jẹ nínú ọdún òyìnbó yẹn. Ààwẹ̀ ni oṣù kẹsàn-án, kò lè sí nínú 1944. 1945 ni.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ọjọ́. Oṣù mẹ́jọ ló ṣáájú Ààwẹ̀. Nínú ìṣirò, ọ̀kan á ní 30, èyí tó tẹ̀ lé e á ní 29, bẹ́ẹ̀ ni títí dé ìkẹjọ. Àpapọ̀ wọn 236. Fi 26 sí i kí o lè dé ọjọ́ 27, ó di 262. Ka 262 síwájú láti 17 Dìsẹ́ńbà 1944, wàá bá ara rẹ ní 5 Sẹ̀tẹ́ńbà 1945.

Ní Jánúárì 2026 tí a wà yìí, ìyá ti pé 80 láti Sẹ̀tẹ́ńbà tó kọjá. Ní Híjírà, oṣù Rájábù 1447 la wà, ìyá ti pé 82, á sì pé 83 nínú ààwẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì.

Ìyá Ìgbọ̀nà:
Alfa, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí torí ọkọ mi. Iléyá ni ìyá wọn fi ń ka ọjọ́ orí wọn: bí Iléyá bá ti kọjá, ó ti fi ọ̀kan sí i. Iye yẹn ni wọ́n sọ fún ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù iṣẹ́, onítọ̀hún sì yọ ọ́ kúrò nínú ọdún òyìnbó. Nígbà tí ìwé iṣẹ́ ní wọ́n pé 60, tí wọ́n ní kí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọn ò tíì pé. Ta ló máa san ìyàtọ̀ yẹn fún wa?

Alfa Òkè-Baálẹ̀:
Ìyá, ìyàtọ̀ náà kì í tó bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ka 60 lọ́nà Iléyá, ọdún 58 àti oṣù bíi méjì ló ní lọ́nà òyìnbó. Bí iye tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù nígbà yẹn bá jẹ́ 30, nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ni wọ́n pàdánù.

Olùkọ́ Àgbà:
Alfa, ẹ gbàgbé nǹkan kan. 5 Sẹ̀tẹ́ńbà 1945, Àlàrùbá ni. Àlàmísì ni ìwé wí. Ṣé ìwé ló ṣì í ni àbí ẹ̀yin?

Alfa Òkè-Baálẹ̀:
Ó dára bí ẹ ṣe wo ọjọ́ ọ̀sẹ̀, torí òun ló ń tú ìṣirò fó. Ìṣirò tí mo ṣe kò rí òṣùpá, ó kàn ń ka 30 àti 29. Àwọn tó kọ ìwé wo ojú ọ̀run. Bí oṣù ò bá lé lójú wọn lálẹ́ ọjọ́ tí ìṣirò wí, ọjọ́ kan ti yẹ̀ nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ ní Mẹ́kà fúnra rẹ̀: ọjọ́ tí àwọn kan gba Mọ́sáláṣí Ńlá pẹ̀lú ìbọn, 20 Nòfẹ́ńbà 1979, wọ́n kà á sí 1 Mùhàrámù 1400, ìṣirò sì ní 21 ló yẹ kó jẹ́. Níbi tí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bá wà lákọsílẹ̀, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àlàmísì tó sún mọ́ ọn jù ni 6 Sẹ̀tẹ́ńbà.

Ṣùgbọ́n ìwé ní "òru Àlàmísì". Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ti kírun Mọ̀ngàríbì tán, ọjọ́ tuntun ti wọlé. Òru Àlàmísì ni òru tó ṣáájú ọ̀sán Àlàmísì. Bí wọ́n bá bí ìyá lẹ́yìn ìṣínu, alẹ́ 5 Sẹ̀tẹ́ńbà ni. Bó bá jẹ́ nígbà sààrì, 6 ni.

Olùkọ́ Àgbà:
Mi ò gbà. Yorùbá ni ìyá yín, òru ọjọ́ kan ni òru tó tẹ̀ lé ọ̀sán rẹ̀. Òru Ọjọ́bọ̀ la máa sùn kí ilẹ̀ Jímọ̀ tó mọ́. Bí alfa yẹn bá gbọ́ ọ lẹ́nu agbẹ̀bí, tó sì kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, alẹ́ 6 ni, tàbí ìdájí 7.

Alfa Òkè-Baálẹ̀:
Lárúbáwá ni ó fi kọ ọ́, kì í ṣe ẹnu agbẹ̀bí.

Ọmọ Òròkí:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. 80 ni mo máa kọ fún ọjọ́ orí ìyá. Àbúrò bàbá àgbà kan ṣì wà ní Òkè-Baálẹ̀. Mo máa bi wọ́n bóyá ìṣínu ni tàbí sààrì. Ní ti "ìyídọ́jọ́", mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, torí "ìbámu" ò sọ pé èèyàn ṣe iṣẹ́ kankan.

Olùkọ́ Àgbà:
Bí o bá tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú "di" yẹn, má fi orúkọ mi síbẹ̀.