Orí iye dọ́là ni kí n fi ààbò sí ni, àbí orí èrè?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ gbé àdìrẹ yáàdì márùn-ún sórí ọjà íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníbàárà Amẹ́ríkà. Aṣọ, páálí àti owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ ₦60,000. Tí dọ́là bá jẹ́ ₦1,500, $40 nìyẹn. Ọjà ń yọ ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lára gbogbo ohun tí oníbàárà san, títí kan owó ìfiránṣẹ́. Báńkì tún ń yọ ìdá 3 lára èyí tó kù, nígbà tó bá ń ṣẹ́ ẹ sí náírà.

Mo fẹ́ jèrè ìdá 20 nínú iye títà. Mo kọ́kọ́ ro 14, 3 àti 20 pọ̀, mo fi ìdá 37 lé $40, ó di $54.80, àmọ́ èrè rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 10 lọ, torí iye títà ni wọ́n ń yọ owó lára rẹ̀, kì í ṣe iye tí mo ná. Mo wá ṣe é báyìí:

```
40 / (0.86 * 0.97 - 0.20) = 63.07
```

Tí mo bá tà á ní $63, èrè á tó ₦18,800. Ṣùgbọ́n tí dọ́là bá já sí ₦1,400 kí owó tó wọlé, ó di ₦13,600. Tí mo bá sì fi ₦1,400 ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀, iye títà á di $67.58, ìyẹn sì lè lé oníbàárà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà sókè òkun, tí owó yín máa ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wọlé: ṣé iye náírà tí ẹ ń ka dọ́là kan sí lẹ máa ń dín kù nínú ìṣirò, àbí èrè lẹ máa ń fi kún, ìdá mélòó sì ni?