Àbọ̀ lórí ankara aṣọ ẹbí mi

“Àyà mi tóbi, ọrùn mi kúrú. Ankara tí wọ́n pín fún wa ní òdòdó ńláńlá lára. Irú ọrùn wo ni kí wọ́n gé sí i?”

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáhùn ìbéèrè mi yìí. A ti ṣe ìgbéyàwó náà l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ọrùn fíì ló sì bá mi mu.

Ẹni tó ní kí wọ́n gé e jìn gan-an gbà á dé ìdajì. Ó mú kí ọrùn mi gùn lójú lóòótọ́, àmọ́ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú télọ̀ báyìí, etí rẹ̀ là sílẹ̀, kọ́mú yọjú. Ìmọ̀ràn ìyá aránṣọ tó dá mi lóhùn ló tún un ṣe. Télọ̀ fi gọ́ọ̀mù sitéè lẹ etí ọrùn nínú kó má baà máa fà, ó fún un díẹ̀, ó sì gbé ohun tó fún yẹn lọ sínú ojú-rírán pírínsẹ́ẹ̀sì, èyí tó ti ihò apá gba orí ọmú sọ̀kalẹ̀ dé ìbàdí. Ibẹ̀ náà ló jẹ́ kí aṣọ jókòó sí mi lára láìfún mi.

Òdòdó nìkan ló kù. Ojú-rírán yẹn là á sí méjì, apá òsì kò bá ọ̀tún mu, yáàdì 5 kò sì tó láti tò ó. Àǹtí mi ní kò hàn. Èmi ń rí i.

Ẹni tó ń bèèrè bóyá òun lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí bùbá léèsì, bùbá kì í ní ojú-rírán bẹ́ẹ̀ o. Ọrùn rẹ̀ nìkan lẹ lè tún ṣe.