Kí la ó pe "èrè" nínú ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀bù?

Àbíkẹ́yìn, Kúbwà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣe ìwé Excel kan fún ṣọ́ọ̀bù pùrófíṣọ̀n màámi. Òpó mẹ́ta ló ní: "Owó tó wọlé", "Owó tó jáde", "Èrè". Ní Sátidé, ọjà ₦46,000 ni wọ́n tà, àmọ́ ìwé ní èrè jẹ́ -₦20,500. Màámi ń bi mí ta ló jí owó òun. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ni mo ṣì lò ni, àbí ìṣirò?

Tíṣà, Gwágwáládà: Ọ̀rọ̀ ni. "Èrè" ti fẹ̀ jù. Èrè iṣẹ́ wà, èrè ẹ̀ṣẹ̀ náà wà. Iye tó bá gorí owó, èlé ni à ń pè é. Kọ "Èlé" síbẹ̀. Ní ti ìṣirò, yọ ohun tó jáde kúrò nínú ohun tó wọlé, èyí tó bá kù ni tìrẹ.

Bàbá Oníṣirò, Kàdúná: Tíṣà, òótọ́ ni pé èrè fẹ̀. Ṣùgbọ́n èlé ni olówó èlé ń gbà lórí owó tó yáni. Bí ìyá yẹn bá rí "Èlé" nínú ìwé, á ní òun ò yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àbíkẹ́yìn, kí ló wà nínú owó tó jáde lọ́jọ́ náà?

Àbíkẹ́yìn: Ọjà tí wọ́n lọ kó ní Déì-Déì, ₦62,000. Pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀, ₦3,000. Owó kẹ̀kẹ́ tó gbé ọjà, ₦1,500.

Bàbá Oníṣirò: Olè tí ìyá ń wá rèé. ₦62,000 yẹn kò jáde lọ síbì kankan, ó di ọjà ni, ó wà lórí pẹpẹ. Ẹni tó fi owó ra ìndómì kò tíì pàdánù, kò sì tíì jèrè. Ìgbà tí ìndómì bá kúrò lórí pẹpẹ lèrè ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un bẹ́ẹ̀. Pàálí kan ní ogójì, wọ́n rà á ní ₦9,600. Ọ̀kan jẹ́ ₦240. Wọ́n ń tà á ní ₦300, ₦60 ló gorí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá tà lónìí, ₦7,500 ló wọ àpótí, ṣùgbọ́n ₦1,500 lèrè rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù kò sí nínú ọ̀rọ̀ òní. Nítorí náà, lójú ìwé "Tita", ìlà kan fún ọjà kọ̀ọ̀kan tó bá tà, kí orí àwọn òpó sì jẹ́ bí ọlọ́jà ṣe ń sọ̀rọ̀: "Ọjọ́", "Ọjà", "Mélòó", "A rà á ní", "A tà á ní", "Èrè orí ọjà". Èyí tó kẹ́yìn ni F:

```
=C2*(E2-D2)
```

Pẹtiróòlù àti irú rẹ̀ á lọ sí ojú ìwé mìíràn, "Inawo": ọjọ́, ohun tí a ná an sí, iye. Ojú ìwé kẹta, tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan ṣoṣo, ni yóò fún yín ní èrè tó kù nílẹ̀:

```
=SUMIFS(Tita!F:F,Tita!A:A,A2)-SUMIFS(Inawo!C:C,Inawo!A:A,A2)
```

Tíṣà: "Tita", "Inawo", láìsí àmì ohùn kan! Lórí ìjíròrò èdè!

Bàbá Oníṣirò: Ẹ fi àmì sí i tó bá wù yín, Excel á gbà á. Ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, "Ìnáwó" àti "Inawo" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ̀yin lẹ ó máa tẹ àmì yẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún fọ́múlà kọ.

Ìyá Ìbejì, Sábọ̀n-Gàrì, Kánò: Níbí, ríbà là ń pe èrè, ọlọ́jà Yorùbá pàápàá. Owó tí a fi bẹ̀rẹ̀, Haúsá ní úwár kúdì, ìyá owó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju "ojú owó" tiwa lọ, torí ìyá ló ń bímọ. Èmi kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀ o. Bí ìyá owó mi bá ṣì pé nínú àpótí nírọ̀lẹ́, mo mọ̀ pé mo jèrè.

Bàbá Oníṣirò: Ìyá Ìbejì, àpótí yín lè pé kí pẹpẹ yín sì ti gbẹ. Ẹ máa wo méjèèjì.

Àbíkẹ́yìn: Mo tún un ṣe. Èrè orí ọjà Sátidé jẹ́ ₦7,500. Mo yọ ₦4,500, ó ku ₦3,000. Màámi ní ó kéré, àmọ́ inú wọn rọ̀. Wàhálà mìíràn ti dé ṣá: ní Jímọ̀, ìwé tún ní àdánù. Mo wo ojú ìwé "Inawo", mo rí ₦15,000, "aṣọ ẹbí". Mo bi wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣebí ìnáwó lo kọ síbẹ̀? Ìnáwó àbúrò mi ni mo ná an sí."

Tíṣà: Ìyá jàre! Yorùbá tó bá sọ pé òun ní ìnáwó lọ́sẹ̀ yìí, àríyá ló ń sọ, kì í ṣe pẹtiróòlù. Mo dábàá "bùkátà ìsọ̀".

Akọ̀wé, Jọ́ọ̀sì: Bùkátà ń kọ́? Owó ilé ìwé ọmọ kì í ṣe bùkátà? Ibi tí ẹ ti sá kúrò náà lẹ padà sí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kọ òpó méjì. Ọ̀kan, "Owó tí ṣọ́ọ̀bù ná". Èkejì, "Owó tí ìyá ṣọ́ọ̀bù mú". Ẹni tó bá mú un á mọ̀ pé òun lòun mú un.

Bàbá Oníṣirò: Ìyá Ìbejì ti parí rẹ̀ fún mi. Òpó kejì yẹn kò gbọdọ̀ dé inú fọ́múlà èrè. Aṣọ ẹbí kò sọ ṣọ́ọ̀bù di aláìjèrè, àpótí ló ń tú. Bí ohun tí ìyá ń mú lóṣù bá ju èrè oṣù náà lọ, ojú owó ni wọ́n ń jẹ.

Tíṣà: Gbólóhùn nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Taa ni yóò ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí márùn-ún lórí òpó? N kò fara mọ́ ọn. Àti pé ẹ máa kọ "náírà" tẹ̀ lé iye, kí ó lè pé.

Àbíkẹ́yìn: Ẹ̀yin lẹ kó mi sí i, Tíṣà! Mo kọ "3000 náírà" fún pẹtiróòlù Mọ́ńdè, èrè ọjọ́ náà sì fi ₦3,000 lé sí i. Excel ò bá mi jà, ó kàn fò ó ni.

Bàbá Oníṣirò: Ó kà á sí ọ̀rọ̀, kì í ṣe iye. Ẹ wo ibi tó fara tì: iye máa ń lọ sí ọ̀tún àpótí rẹ̀, ọ̀rọ̀ a lọ sí òsì. Bí ọjọ́ pàápàá bá fara ti òsì, SUMIFS lè má rí i. Ẹ kọ 3000 nìkan.

Akọ̀wé: Mo ní ìbéèrè kan. Owó kẹ̀kẹ́ ₦1,500 yẹn, ṣé ṣọ́ọ̀bù ló ná an ni, àbí ara "A rà á ní" ni? Bí ₦400 ọkọ̀ bá gorí pàálí ìndómì yẹn, ọ̀kan di ₦250, èrè rẹ̀ sì di ₦50.

Bàbá Oníṣirò: Ara "A rà á ní" ni, torí láìsí kẹ̀kẹ́ ọjà kò dé Kúbwà.

Ìyá Ìbejì: Kẹ̀kẹ́ kan gbé ọṣẹ, mílíìkì, ṣúgà àti ìndómì. Ta ló máa jókòó pín ₦1,500 fún wọn? Èmi kọ́.

Àbíkẹ́yìn: Mo ti fi í sí "Owó tí ṣọ́ọ̀bù ná" fún ìsinsìnyí. Màámi ní wọn ò san owó kẹ̀kẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí rárá, àbúrò wọn tó ṣe ìnáwó ló fi mọ́tò gbé ọjà wá.