Oògùn màámi ti pọ̀ jù, báwo ni kí n ṣe tò ó sínú àpótí ọlọ́jọ́ méje?

Rísíkátù: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Màámi ti pé ẹni ọdún 78, Abẹ́òkúta ni wọ́n wà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Inú ọ̀rá dúdú kan ni gbogbo oògùn wọn wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti fẹ́ tún lo mẹtifọ́mìnì àárọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò rántí pé àwọn ti lò ó. Àyà mi já.

Mo ti ra àpótí náà, ó ní ojú àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí dókítà kọ nìyí: àmílódípììnì 10, lísínópíríìlì 10, oògùn tó ń mú wọn tọ̀, mẹtifọ́mìnì 500 láàárọ̀ àti lálẹ́, àtọfásítátììnì lálẹ́, pẹ̀lú pàrásítámọ́ọ̀lù nígbà tí orúnkún bá ń dùn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi tún ra káàdì kan wá láti kẹ́mísì, ó ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà ni. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ìdòwú: Tú gbogbo rẹ̀ kúrò nínú káàdì, kó o da páálí nù kí ilé lè fẹjú. Jẹ́ kí wọ́n máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, ìyẹn ni wọn ò fi ní gbàgbé. Bí wọ́n bá gbàgbé ti àárọ̀, kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ti alẹ́.

Kẹ́hìndé: Lọ́ńdọ̀nù níbí, fámásì ló ń to ti bàbá mi sínú àpótí fún wa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ máa wo abẹ́ ìrọ̀rí wọn o, ibẹ̀ ni mo ti bá èyí tí bàbá mi ò fẹ́ràn.

Ìyá Fọlá (mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn): Bàbá Ìdòwú, òótọ́ ni ti oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má pa méjì pọ̀ láéláé. Kí wọ́n má sì da páálí nù: ara rẹ̀ ni orúkọ oògùn àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà. Rísíkátù, má tíì to nǹkan kan. Kó gbogbo rẹ̀ sórí ibùsùn, wo káàdì tí ẹ̀gbọ́n rẹ rà. Fi orúkọ ńlá tó wà níwájú sílẹ̀, ka èyí tí wọ́n kọ kéékèèké sábẹ́ rẹ̀. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?

Rísíkátù: Háà! Àmílódípììnì 5 ni wọ́n kọ. Wọ́n ti ń lo méjèèjì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ wọn sì ti wú, a rò pé ìrìn ni.

Ìyá Fọlá: Oògùn kan náà ni, orúkọ ara páálí ló yàtọ̀. Mílígíráàmù 15 ni wọ́n ń lò lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ mílígíráàmù 10 ni òpin rẹ̀. Ó lè mú ẹsẹ̀ wú, ó sì lè mú òòyì kọ́ wọn. Pe dókítà lónìí, sọ méjèèjì fún un, kó sọ èyí tí wọ́n máa fi sílẹ̀. Má dá gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra rẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìtò kò le. Mú oògùn kan ṣoṣo, tò ó dé ojú ọjọ́ méjèèje, dá a padà sínú páálí rẹ̀, kó o tó mú òmíràn. Ẹni tó bá ń to ọjọ́ kan parí kó tó kan èkejì ló máa ń ṣì í. Bí dókítà bá ní kí ó wà bẹ́ẹ̀, mẹ́rin ló máa wà ní ojú àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, méjì ní ojú alẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 42. Kà á. Bí kò bá pé 42, tú u, kó o tún un tò. Fi sẹ̀lótéèpù lẹ ojú ọ̀sán pa, kò sí nǹkan níbẹ̀. Àárọ̀ ni kí oògùn ìtọ̀ wà, kí wọ́n má baà máa dìde lóru, kí wọ́n ṣubú. Pàrásítámọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wọnú àpótí, ìgbà tí ara bá dùn wọ́n nìkan ni tirẹ̀.

Rísíkátù: Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀yìn ìrun Àsùbáà ni wọ́n ń lò ó, kí wọ́n tó jẹun. Ikùn wọn sì máa ń dà rú.

Ìyá Fọlá: Mẹtifọ́mìnì nìyẹn. Sún un sí ẹ̀yìn ẹ̀kọ àárọ̀. Ya oòrùn sára ìwé kan, kọ 4 sí i. Ya òṣùpá, kọ 2. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Kó o sì gbé àpótí jìnnà sí ààrò àti ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ, ọmọdé lè ṣí i.

Rísíkátù (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ): Dókítà ní kí wọ́n fi 5 yẹn sílẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn tó wú ti ń lọ sílẹ̀. Mo ṣí àpótí lánàá: ojú alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ṣì kún. Wọ́n ní oorun gbé àwọn lọ. Kí ni kí n ṣe sí ti alẹ́ yẹn? Tí ààwẹ̀ Ràmàdánì bá sì dé ńkọ́?

Ìyá Fọlá: Ti alẹ́ yẹn ti lọ, kó méjèèjì jáde, má fi kún ti ọjọ́ mìíràn. Pè wọ́n lórí fóònù lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí wọ́n ṣí i létí rẹ. Ti ààwẹ̀, dókítà wọn nìkan ló lè sọ bóyá kí wọ́n gbà á rárá. Lọ bá a kí oṣù tó wọlé.

Bàbá Ìdòwú: Mo ti lọ wo ti ìyàwó mi. Orúkọ méjì, oògùn kan náà! A ń lọ ọ̀dọ̀ dókítà lọ́la.