Ṣé fọ́tò tẹlifíṣọ̀n tó sán yìí kọ́ ni wọ́n ti lò rí?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, Ìkòròdú níbí la ti ń gbé ẹrù fáwọn kọ́sítọ́mà, ẹnìkan wá ní tẹlifíṣọ̀n òun fọ́ lọ́nà, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ó ń béèrè owó. Bó ṣe sán yẹn jọ ti ẹlòmíì tá a ti sanwó fún, àfi bíi pé wọ́n yí i sódì bí ìgbà téèyàn ń wo dígí. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n yà á, kò sí níbẹ̀, Wasáàpù máa ń yọ ọ́ kúrò fún gbogbo èèyàn, ìyẹn ò fi hàn pé irọ́ ni. Google Lens náà ò rí i, fọ́tò àtijọ́ wa ò kúkú sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò fẹ́ fẹ̀sùn èké kan èèyàn o. Tí mo bá yí tuntun yìí padà, kí n gbé e lé ti àtijọ́, ibo gan-an ni kí n wò kó tó dá mi lójú pé fọ́tò kan náà ni?