Orúkọ àlejò tó ṣòro pè: báwo lẹ ṣe ń múra sílẹ̀ fún un?

Ọmọ Adó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi ni atọ́kùn ètò àwọn àgbẹ̀ onírẹsì tí a fẹ́ ṣe ní Adó. Ará Fiẹtnám ló ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀, Nguyễn ló ṣáájú orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn tó bá gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu mi. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí?

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́: Mo ti ṣe é, orúkọ Nguyễn yìí gan-an ni àlejò tiwa náà ń jẹ́. Kí ọjọ́ tó pé ni mo ti kọ̀wé sí màmá tó jẹ́ àlejò wa yẹn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe orúkọ yín sínú fóònù fún mi, ẹ kọ́kọ́ rọra pè é, kẹ́ ẹ wá pè é bí ará ilé yín ṣe ń pè é. Èwo lẹ fẹ́ kí n fi pè yín?" Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì, torí orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ orúkọ tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń fi tẹ̀lé Dókítà.

Ní ti pípè rẹ̀, ẹ má pe g inú rẹ̀ rárá. Ẹ sọ pé "ó ń kọrin", kẹ́ ẹ dúró lórí ń yẹn. Ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn ahọ́n yín ti kan òkè. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bọ́ sínú "wiẹn" lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ń bá dá dúró létí yín bíi ti Yorùbá, kò tíì bọ́ sí i. Mo ká tèmi sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Ó ní ohùn mi lọ sílẹ̀ jù, pé ó yẹ kó já díẹ̀ lọ́fun, kó tó gòkè. Bí mo ṣe máa pè é nìkan ni mo kọ sórí káàdì, gàdàgbà, torí bójú bá ti rí g, ẹnu á fẹ́ pè é.

Ìyá Ìbejì: Kí ni wàhálà? Ẹ wá a lórí Yútúùbù, ẹ ó gbọ́ ọ.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́: Ó dáa, mà, tó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ará àríwá àti ará gúúsù wọn kì í pè é bákan náà, àwọn tó dàgbà sí Amẹ́ríkà sì lè ní "Wín".

Àbúrò Ọ̀yẹ́: Ẹ má gbàgbé kábíyèsí o! Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn ọba, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ipò wọn. Mo ti rí ibi tí àìtẹ̀lé ìyẹn ti dìjà.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́: Ìbéèrè rẹ̀ kọ́ nìyẹn, àbúrò, ṣùgbọ́n ó kàn án. Láti orí "Kábíyèsí" ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, lórí ìdúró, lóhùn rara. Orúkọ tó rọrùn tá a bá dá a pè lè sá mọ́ ẹnu lọ́wọ́ lẹ́yìn kíkí gígùn. Mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí n tó pè é.

Ọmọ Adó: Tó bá ní kí n kàn pe òun ní "Wín" ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Òun ló lorúkọ.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́: Èmi á tún bi í, mà. Ó lè jẹ́ pé àánú wa ló ń ṣe é.

Ìyá Ìbejì: Bó bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbà á gbọ́.

Ọmọ Adó: Mo ti ránṣẹ́ sí i. Tó bá dáhùn, màá sọ fún yín.